Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣírò Agbára Omi Kí Ẹ Tó Mọ Ògiri Táǹkì ní Abẹ́òkúta

Ní Abẹ́òkúta, àpáta kì í pẹ́ yọjú. Ní Àṣerò tàbí Ọbáńtokò, bíríkìlà lè gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún péré kí dígà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu òkúta. Bẹ́ẹ̀ sì ni omi ẹ̀rọ kì í yọ lójoojúmọ́, ẹni tó bá sì ra omi táńkà gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò dà á sí. Táǹkì tí kò rí ilẹ̀ wọ̀ á wá dìde sókè: bíríkìlà á to búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án, á di ihò inú wọn, á rẹ́ ẹ tinú tẹ̀yìn, á ní iṣẹ́ ti parí.

Táǹkì tó wà nínú ilẹ̀ ní yẹ̀pẹ̀ tó ń ti ògiri rẹ̀ wọlé díẹ̀ bí omi ṣe ń tì í jáde. Èyí tó wà lókè ilẹ̀ kò ní alátìlẹ́yìn kankan. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká mú táǹkì kan báyìí, ká ṣírò ohun tí omi máa ṣe sí ògiri rẹ̀, ká fi ìṣirò kan náà wo ìsàlẹ̀ ìdídò Ọ̀yán, ìyẹn ògiri ńlá tí wọ́n fi dí odò Ọ̀yán, ká tó wá sọ̀rọ̀ irin àti bí a ṣe ń da omi sínú táǹkì tuntun.

Táǹkì tí a máa lò nìyí: mítà 4 ní gígùn, mítà 2.4 ní fífẹ̀, omi inú rẹ̀ sì máa jìn tó mítà 2.4. Ó ń gba lítà 23,040. Táńkà lítà 10,000 méjì á wọ inú rẹ̀, àyè á sì tún ṣẹ́ kù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn jíjìn omi, ẹ fi iye lítà sílẹ̀ ná

Bàbá onílé kan sọ fún mi rí pé, "Ẹnjiníà, omi tèmi ò tó nǹkan o. Adágún Ọ̀yán ni kí ẹ lọ máa bẹ̀rù." Ọ̀rọ̀ bàbá dùn létí, àmọ́ omi kì í ti ògiri gẹ́gẹ́ bí iye tó pọ̀ tó. Bó ṣe jìn tó ló ń wò. Bí ẹ bá mọ ògiri méjì tó kọjú síra, tí àlàfo àárín wọn kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ, tí ẹ da omi sí i títí tó fi jìn ní mítà 2.4, agbára tí omi yẹn fi máa ti ògiri kọ̀ọ̀kan kò dín rárá sí èyí tí adágún ńlá tó jìn ní mítà 2.4 máa fi tì í.

Àwọn bíríkìlà fúnra wọn mọ èyí, bí wọn ò tiẹ̀ kà á sí ìmọ̀ kankan. Ẹ wo rọ́bà tí inú rẹ̀ ń hàn, èyí tí wọ́n ń bu omi sí láti fi mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì ilé. Ẹ jẹ́ kí rọ́bà náà gba ẹ̀yìn ilé yípo, kó lọ́ mọ́ òpó, kó gun orí iyanrìn kó tún sọ̀ kalẹ̀, ojú omi níbí àti ojú omi lọ́hùn-ún á ṣì wà ní ọgbọọgba. Bí ẹ bá so ẹnu kan rọ́bà náà mọ́ ìdí dúrọ́ọ̀mù, omi inú rọ́bà tí kò ju ìka lọ á dúró ní déédéé pẹ̀lú omi inú dúrọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ pé pípọ̀ ni omi fi ń ti nǹkan ni, omi dúrọ́ọ̀mù ì bá ti lé ti rọ́bà jáde lórí.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa kọ sínú ìwé yín ni jíjìn omi láti ìsàlẹ̀ táǹkì dé ẹnu páìpù tí omi ń gbà ṣàn dànù nígbà tó bá kún. Kì í ṣe gíga ògiri. Bí páìpù náà bá sì lè dí, ẹ kúkú wọ̀n ọ́n dé etí ògiri, torí ibẹ̀ ni omi máa dé lọ́jọ́ tí ẹni tó ń fa omi bá gbàgbé láti pa ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìtẹ̀ omi nísàlẹ̀

Omi tó kún àpótí tó jẹ́ mítà kan lóròó, mítà kan níbùú, mítà kan ní jíjìn wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Bí ẹ bá to irú àpótí omi bẹ́ẹ̀ méjì léra, tọ́ọ̀nù méjì ló ń tẹ ilẹ̀ abẹ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí búlọ́ọ̀kù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ṣe ń ru gbogbo èyí tó wà lórí rẹ̀. Ìtẹ̀ omi kò ju báyìí lọ: mítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀nù kan kún un fún ojú ibi tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó. Àwọn ẹnjiníà á ní kilopásíkà 9.81 ni ní pàtó. Ẹ jẹ́ ká fi í sí 10, kò ní ba iṣẹ́ jẹ́, díẹ̀ tó lé e sì ń ṣojú rere sí wa.

Ibi tí omi ti yàtọ̀ sí búlọ́ọ̀kù ni pé búlọ́ọ̀kù ń tẹ ìsàlẹ̀ nìkan. Omi ń tẹ ibi gbogbo. Ní ìsàlẹ̀ táǹkì wa, níbi tó jìn ní mítà 2.4, tọ́ọ̀nù 2.4 ló ń tẹ ilẹ̀, tọ́ọ̀nù 2.4 kan náà ló sì ń ti ẹsẹ̀ ògiri síta. Ní mítà 1.2, ó ti dín sí ìdajì. Ní ojú omi, kò sí nǹkankan.

Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ń jiyàn, ẹ mú ìgò rọ́bà kan, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́ta sí i lára, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ fi téèpù dí wọn, ẹ rọ omi kún un, kí ẹ wá fa téèpù náà yọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má wo ibi tí omi balẹ̀ sí o! Bí ìgò bá wà lórí tábìlì, omi ihò àárín ló máa ń lọ jìnnà jù, torí pé ti ìsàlẹ̀ kì í rí àyè já bọ́ kó tó kan tábìlì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi ìyẹn ṣi ọ̀rọ̀ yìí mú. Ẹnu ihò ni kí ẹ wò: ti òkè á máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́, á tẹ̀ ba, ti ìsàlẹ̀ á máa yọ gbọnrangandan bí ẹni pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ tì í.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àpapọ̀ agbára tó ń ti ògiri

Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìtẹ̀ kò sí lójú omi, tó sì pé tọ́ọ̀nù 2.4 nísàlẹ̀, ìdajì rẹ̀, ìyẹn 1.2, ni ó kárí ògiri. Ẹ fi gíga omi sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ti rí agbára tó ń ti mítà kọ̀ọ̀kan nínú gígùn ògiri. Ìṣirò rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta yìí lọ, h ni jíjìn omi ní mítà, p ni ìtẹ̀ nísàlẹ̀, F ni agbára tó ń ti mítà kan ògiri, M sì ni agbára tó fẹ́ bi ògiri ṣubú. Èsì p àti F jẹ́ tọ́ọ̀nù, ti M jẹ́ tọ́ọ̀nù-mítà:

```
p = h
F = h × h ÷ 2
M = F × h ÷ 3
```

Fún táǹkì wa, F jẹ́ 2.4 × 2.4 ÷ 2, ìyẹn tọ́ọ̀nù 2.88 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ògiri gígùn náà jẹ́ mítà 4, nítorí náà tọ́ọ̀nù 11.5 ló ń tì í síta tọ̀sán tòru, kò sinmi. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún yẹ̀pẹ̀ ló máa wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ìlà kẹta ni èmi máa ń tẹnu mọ́ jù. Ìsàlẹ̀ ni agbára omi ti pọ̀, nítorí náà bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, ibi tó ti ń tì kì í ṣe àárín ògiri. Ìdámẹ́ta gíga omi ni, láti ìsàlẹ̀: mítà 0.8 nínú táǹkì wa. Tọ́ọ̀nù 2.88 tó ń tì láti ibi gíga mítà 0.8 ń fẹ́ bi ògiri ṣubú pẹ̀lú agbára tọ́ọ̀nù-mítà 2.3. Ẹ jẹ́ ká máa pe ìyẹn ní ìbìṣubú.

Ẹ wá wo ohun tí ògiri búlọ́ọ̀kù fi ń dúró dè é. Búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án nípọn ní mítà 0.225. Bí wọ́n bá fi kọnkéré di ihò rẹ̀, tó sì ga ní mítà 2.4, mítà kan nínú rẹ̀ á wúwo tó tọ́ọ̀nù 1.2. Kí ògiri tó ṣubú síta, ó gbọ́dọ̀ yí lórí etí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ sì jìnnà sí etí yẹn ní ìdajì nínípọn rẹ̀ péré, mítà 0.11. Tí ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ máa rí bíi tọ́ọ̀nù-mítà 0.13. Omi ń fi 2.3 bì í, òun ń fi 0.13 dúró. Ìlọ́po 17 ni. Mọ́tà tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti búlọ́ọ̀kù kò ràn án lọ́wọ́ tó nǹkan, torí pé tí a bá fẹ́ fà á ya, kò lágbára.

Ẹnìkan á ní, "Ṣùgbọ́n ti àdúgbò wa ṣì dúró." Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan dúró. Kọ̀rọ̀ ló gbà wọ́n. Bí ògiri bá kúrú, àwọn ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á dì í mú, agbára omi á sì pín lọ sọ́dọ̀ wọn. Bí ògiri bá ṣe ń gùn sí i ni ìrànlọ́wọ́ kọ̀rọ̀ ń jìnnà sí àárín rẹ̀, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àárín ògiri gígùn ló sábà máa ń wú síta kó tó là. Èmi kì í ka ìrànlọ́wọ́ yẹn sí ìṣirò fún táǹkì ilé. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èrè orí.

Ẹ tún táǹkì náà yà kí ẹ tó ra irin

Kí a tó dé orí irin, ohun kan wà tí kò ná yín lówó ju pé kí ẹ yí àwòrán padà. Ẹ sọ táǹkì náà di mítà 4 sí mítà 4.8, kí omi jìn ní mítà 1.2 péré. Lítà 23,040 kan náà ni ẹ ṣì ní. Ìtẹ̀ nísàlẹ̀ ti di ìdajì. Agbára tó ń ti mítà kan ògiri ti di tọ́ọ̀nù 0.72, ìyẹn ìdámẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Ìbìṣubú ti di 0.29: ìdá kan nínú mẹ́jọ!

Ilẹ̀ ló máa gbà sí i, kọnkéré ilẹ̀ táǹkì àti ìdérí rẹ̀ á sì fẹ̀ sí i. Níbi tí ilẹ̀ ti há, ẹ ò ní rí èyí ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀pọ̀ ọgbà tí àyè gbayawu wà lẹ́yìn ilé, tí onílé sì ní kí wọ́n mọ táǹkì tóóró tó ga bí ilé ìṣọ́, torí pé ó wù ú bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé 0.29 ṣì ju ohun tí ògiri búlọ́ọ̀kù lásán lè gbé lọ. Irin á ṣì wọ̀ ọ́, kò kàn ní pọ̀.

Ìṣirò kan náà ní ìdí ìdídò

Ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, tó wà lábẹ́ àṣẹ àjọ tó ń rí sí àwọn odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, ga ní mítà 30.4. Ẹ jẹ́ ká fi omi sí mítà 30 kí ìṣirò lè rọrùn. Ìtẹ̀ nísàlẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 30. Agbára tó ń ti mítà kan nínú gígùn ìdídò jẹ́ 30 × 30 ÷ 2, ìyẹn tọ́ọ̀nù 450. Ó ń tì láti ibi tó ga ní mítà 10, nítorí náà ìbìṣubú jẹ́ 4,500. Omi yẹn kò jìn ju ti táǹkì wa lọ ní ìlọ́po 13, àmọ́ ìbìṣubú rẹ̀ lé ní ìlọ́po 1,900. Bàbá onílé jàre níbí yìí, ó kàn jẹ́ pé jíjìn adágún náà ló yẹ kó bẹ̀rù, kì í ṣe bó ṣe fẹ̀ lọ sí ìgbẹ́.

Ìdí rèé tí ìdídò fi ń nípọn lọ sísàlẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi kọnkéré nìkan dá omi mítà 30 dúró, tí ìdídò náà rí bí ìgun mẹ́ta, tí ojú tó kọjú sí omi dúró ṣánṣán, ìwúwo rẹ̀ nìkan ló máa fi dúró. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ níhà omi má baà ṣí kúrò lórí àpáta, ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mítà 19.4 ó kéré tán. Lókè, ó lè rí ṣóńṣó.

Àmọ́ mítà 19.4 yẹn gbà pé omi kò ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, omi sì máa ń wọ abẹ́ rẹ̀. Ó ń gba ojú ìlà àpáta, ó ń gba àárín kọnkéré àti òkúta, níbi tó bá sì dé, á máa ti ìdídò sókè. Níhà omi, ìtìsókè náà jẹ́ tọ́ọ̀nù 30, bí ó ti wà nínú adágún. Bó ṣe ń lọ síhà kejì ló ń dín títí tó fi tán. Nígbà tí a bá yọ ìtìsókè yìí kúrò nínú ìwúwo kọnkéré, mítà 19.4 kò tó mọ́, ó di mítà 25.4. Tọ́ọ̀nù 381 ló ń gbé mítà kọ̀ọ̀kan ìdídò bẹ́ẹ̀ sókè lábẹ́, bí ojú kò tiẹ̀ rí i. Àwọn ẹnjiníà ń gbẹ́ ihò ìfàmi sábẹ́ ìdídò kọnkéré kí omi yẹn lè rí ọ̀nà jáde kó tó tẹ̀. Bí ihò náà bá dí, ìtìsókè á padà, ìdí ìdídò tó tóbi tó lánàá lè má tóbi tó lónìí. Wọ́n tún máa ń fẹ ìdí náà ju báyìí lọ, torí pé kí ìdídò má ṣubú yàtọ̀ sí kó má yọ̀ lọ síwájú.

Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù lára Ọ̀yán, ti yẹ̀pẹ̀ sì tún ní òfin tirẹ̀. Ìdídò yẹ̀pẹ̀ mítà 30 tó bá dagun ní mítà 3 fún mítà 1 níhà omi, àti 2.5 fún 1 níhà kejì, ìdí rẹ̀ á ti kọjá mítà 165. Kì í ṣe nítorí kí omi má baà bì í ṣubú nìkan, ìwúwo rẹ̀ ti borí ìyẹn tipẹ́. Ohun tó mú kó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má ya lulẹ̀, àti kí ọ̀nà tí omi máa jò gbà gùn, kí agbára rẹ̀ ti tán kó tó yọ níhà kejì. Gbogbo ìdídò yẹ̀pẹ̀ ló ń jò díẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ń wo àwọ̀ omi tó ń jò lẹ́sẹ̀ rẹ̀: bó bá mọ́ gaara, kó máa wọn iye rẹ̀ lọ. Bó bá dọ̀tí, yẹ̀pẹ̀ inú ìdídò ni omi ń kó jáde yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò sì gba ìdúró dọ̀la.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí irin yẹ kó wà

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí táǹkì mítà 2.4 wa. Ohun tó yẹ ẹ́ ni ògiri kọnkéré tó nípọn ní mìlímítà 200, tí irin wà nínú rẹ̀. Pẹ̀lú ìbìṣubú 2.3, ìṣirò mi fún irin tó dúró jẹ́ mìlímítà 12, kí àlàfo láti ọ̀kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà 150. Kí ẹnjiníà ilé yín yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fọwọ́ sí i, torí ilẹ̀ àti àwòrán tiyín lè yàtọ̀.

Iye irin kì í sábà jẹ́ ìṣòro. Ibi tí wọ́n fi í sí ni. Omi ń ti ògiri síta, ẹsẹ̀ ògiri sì dúró gbọn-in nínú ilẹ̀ táǹkì. Ojú ògiri tó kọjú sí omi ni yóò máa fẹ́ ya nítòsí ìsàlẹ̀, ojú tó wà níta á máa fún pọ̀. Kọnkéré fẹ́ràn kí á fún un pọ̀, kò fẹ́ kí á fà á. Nítorí náà, irin tó dúró gbọ́dọ̀ súnmọ́ ojú omi. Mo ti bá àwọn tó ń tẹ irin níbi tí wọ́n ti tò ó sí àárín ògiri gẹ́ẹ́, tí wọ́n ní kí ọ̀tún àti òsì lè jọ jẹ ànfààní rẹ̀. Irin àárín gẹ́ẹ́ ti sọ èyí tó pọ̀ nínú agbára rẹ̀ nù. Ẹ fi bísíkíìtì kọnkéré mìlímítà 40 ya irin sí pákó níhà omi, kí irin náà má baà dípẹtà, kó má sì sá lọ sáàárín nígbà tí wọ́n bá ń da kọnkéré.

Ibi kejì ni orígun tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ táǹkì. Omi fẹ́ ṣí orígun yẹn bí ẹni ń ṣí ìwé. Bí irin ògiri bá kàn tẹ̀ lábẹ́ igun inú, tó sì wọ ojú òkè ilẹ̀ táǹkì lọ, yóò fẹ́ na ara rẹ̀ tọ́ọ́rọ́ nígbà tí omi bá kún, á sì ṣí kọnkéré igun náà dànù. Ẹ jẹ́ kí irin ògiri sọ̀ kalẹ̀ tààrà títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan abẹ́ kọnkéré ilẹ̀ kó tó tẹ̀. Kí irin òkè ilẹ̀ táǹkì náà kọjá lọ dé ẹ̀yìn ògiri kó tó tẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ méjì ògiri, bákan náà ni fún irin tó dùbúlẹ̀: kó kọjá igun, kó dé ojú ìta ògiri kejì, kó tó yí.

Kọnkéré rẹ̀: sìmẹ́ńtì kan, iyanrìn ọ̀kan àbọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta. Omi rẹ̀ kó má ju lítà 25 lọ fún àpò sìmẹ́ńtì kan, ẹ yọ èyí tó wà nínú iyanrìn tútù kúrò níbẹ̀. Ẹ da ẹsẹ̀ ògiri tó ga bíi mìlímítà 150 pọ̀ mọ́ ilẹ̀ táǹkì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ojú ibi tí kọnkéré òní ti pàdé tọ̀la má baà jẹ́ igun gẹ́ẹ́ níbi tí ìtẹ̀ ti pọ̀ jù. Kí ẹ tó da èyí tó kù, ẹ fi ìṣó ha ojú rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ máa fi omi rin ògiri fún ọjọ́ méje.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: dída omi sí i nígbà àkọ́kọ́

Ó kéré tán, ẹ fún kọnkéré ní ọjọ́ 28. Lẹ́yìn náà, ẹ má da táńkà méjì sí i lọ́jọ́ kan. Ẹ pín in sí mẹ́rin, mítà 0.6 lẹ́ẹ̀kan, kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó da òmíràn sí i.

Ohun tó ń jẹ́ kí ìpín yìí ṣe pàtàkì ni pé àwọn ìdá mẹ́rin náà kò dọ́gba rárá. Nígbà tí omi bá dé mítà 1.2, táǹkì ti kún dé ìdajì lójú, àmọ́ agbára tó ń ti ògiri kò tíì ju ìdámẹ́rin lọ, ìbìṣubú sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ní mítà 1.8, ìbìṣubú ṣì jẹ́ 42 nínú 100. Mítà 0.6 tó kẹ́yìn nìkan ló ń mú 58 yòókù wá. Ẹni tó bá rí i pé ògiri dúró dáadáa nígbà tí omi dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, tó sì ní òun ti dán an wò, kò tíì dán ìdajì wò.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀ níta, nítòsí etí òkè ògiri gígùn, kó yà sí ara ògiri ní sẹ̀ǹtímítà méjì, ẹ wọn àlàfo náà ní àárín. Fún ògiri tí a ṣírò yìí, kò yẹ kó wú ju mìlímítà kan sí méjì lọ nígbà tí omi bá kún. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ nígbà tí omi ò pọ̀ sí i, ẹ dá dúró.

Bó bá ti kún, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méje kí kọnkéré mu omi tó fẹ́ mu. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi ìlà sí ojú omi, kí ẹ sì fi garawa tó ní omi sínú táǹkì náà pẹ̀lú ìlà tirẹ̀. Oòrùn ń fa àwọn méjèèjì bákan náà, nítorí náà ohun tí táǹkì fi dín ju garawa lọ ni ó jò. Láàárín ọjọ́ méje mìíràn, kò yẹ kó ju mìlímítà 5 lọ fún omi tó jìn ní mítà 2.4.

Bí ògiri bá ń kìlọ̀

Ìlà tútù tó gùn lọ nísàlẹ̀ gẹ́ẹ́, níbi tí ògiri ti bá ilẹ̀ pàdé, ló ń kọ́kọ́ yọjú, nígbà mìíràn pẹ̀lú ohun funfun tó dà bí efun tí omi ń kó jáde láti inú sìmẹ́ńtì. Bí ìlà yẹn bá wà lójú kan ṣoṣo, jíjò lásán lè ni. Bó bá gùn láti kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ògiri ló ń ṣí. Ìlà tó là ṣánṣán ní kọ̀rọ̀, tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ń sọ pé àwọn ògiri méjì ti ń fi ara wọn sílẹ̀.

Àtúnrẹ́ kò ṣe nǹkankan fún èyí. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì kí omi má baà jò ń dí ihò, kì í fi agbára kún ògiri. Bí ẹ bá fi dí táǹkì tó ń ṣí lẹ́sẹ̀, ẹ ti mú àmì kúrò, ẹ fi àìsàn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i pé ògiri ń wú, ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò níhà ibẹ̀, ẹ ṣí páìpù ìsàlẹ̀, kí omi jáde dé ìdajì. Ẹ ò nílò láti dúró kó tán kí ọkàn tó balẹ̀ díẹ̀: ní ìdajì, ìbìṣubú ti lọ sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Bí ẹ bá sì ní táǹkì búlọ́ọ̀kù àtijọ́ tó ga ní mítà 2.4, tí owó láti tún un mọ kò tíì sí, ẹ lu ihò àkúnṣàn tuntun ní mítà 1.5, kí ẹ lò páìpù tó fẹ̀ tó láti kó gbogbo omi tí ẹ̀rọ ń fà wọlé jáde. Ẹ ó pàdánù lítà 8,640 nínú 23,040, ìbìṣubú á sì já wálẹ̀ sí ìdámẹ́rin. Kò sọ ọ́ di táǹkì kọnkéré. Ní mítà 1.5, kọ̀rọ̀ ló ṣì ń dì í mú, torí ìwúwo búlọ́ọ̀kù nìkan kò lè kojú omi tó ju mítà 0.9 lọ. Ẹ fi ẹnu páìpù náà síbi tí ẹ ti lè máa rí i láti ojú ọ̀nà, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ dí i nítorí pé omi táńkà ti wọ́n.